Lẹ́tà ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìkówójọ ilé ìkàwé: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Sátidé tó tẹ̀lé Ojúde Ọba ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ìkówójọ wọn sí. Ìdí tí wọ́n fi mú ọjọ́ náà kò fara sin: àwọn ọmọ àdúgbò tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun ṣì wà nílé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta wọ́n á ti tú ká. Bí akọ̀wé kò bá gba orúkọ àti nọ́ńbà wọn lójú agbo, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí wọ́n ti máa rí wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, kí wọ́n kan pẹpẹ ìwé mẹ́fà sí i, kí wọ́n ra tábìlì, kí wọ́n sì ra ìwé. ₦1,800,000 ni wọ́n ń wá.

Kí èrò tó túká, olùdarí ètò ti kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé àròpọ̀ owó jẹ́ ₦1,950,000. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó, oníkálukú sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ ti bù ṣe. Nígbà tí akápò ṣírò owó lọ́jọ́ Ajé, ₦1,460,000 ló rí. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀. Àmọ́ bí lẹ́tà ìdúpẹ́ bá jáde pẹ̀lú iye tí olùdarí ètò kéde, á di irọ́ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ilé-ìwé lù. Bó bá sì jáde pẹ̀lú ₦1,460,000 láìṣàlàyé, gbogbo ẹni tó gbọ́ ti orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa béèrè ibi tí ìyókù wọlé sí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ lẹ́tà yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé owó, kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò kọ "ẹ ṣeun".

Ohun kan wà tí wọn ò fi dúró de ìṣírò. Láàárọ̀ Sunday, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pín orúkọ láàárín ara wọn, wọ́n sì pe àwọn tó wá: "Ẹ ṣeun àná o. Ẹ kú ìnáwó." Wọn ò dárúkọ iye owó, wọn ò sì ṣèlérí ohunkóhun. Nílẹ̀ wa, ẹni tí a kò kí ní "ẹ ṣeun àná" ti bínú kí lẹ́tà tó dé, bó ti wù kí lẹ́tà náà dùn tó. Ìpè yẹn fún akọ̀wé láyè láti fi ọ̀sẹ̀ kan yanjú ìwé rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń rò pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Ìwé owó náà wá láti ọ̀nà méjì. ₦1,112,000 gba inú àkáǹtì ìgbìmọ̀ wọlé, ₦348,000 sì jẹ́ owó ọwọ́ tí wọ́n kà lójú agbo. Ẹni méjì ló ka owó ọwọ́ yìí, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ síwèé. Ìwà kan tó ṣe wọ́n láǹfààní ni pé wọn kò ju àpòòwé nù. Bí wọ́n ti ń yọ owó kúrò nínú àpòòwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà di gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló máa ń kó owó jáde tán, tí wọ́n á da àpòòwé sínú ilẹ̀, láìrántí pé ara àpòòwé yẹn gan-an ni orúkọ ẹni tó fún wọn lówó wà. Nínú ₦348,000, ₦226,000 ló ní orúkọ. ₦122,000 tó kù jẹ́ owó tí wọ́n jù sínú apẹ̀rẹ̀ láìsí orúkọ, tí kò sì ní í ní lẹ́tà tirẹ̀.

Owó inú àkáǹtì ló le jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn rò pé ó rọrùn torí báńkì ti kọ orúkọ síbẹ̀. Orúkọ tí álààtì ń gbé jáde ni orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì tí owó ti jáde. Ọkọ lè fi owó ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì tirẹ̀, ọmọ lè fi ti ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Èkó. Èyí tó tún burú jù ni ti oní-píọ́ẹ̀sì. Àgbàlagbà tí kì í lo fóònù fún báńkì á kó owó fún ọmọ tó ń ṣe píọ́ẹ̀sì ní ìkòríta, ìyẹn á sì fi ránṣẹ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù píọ́ẹ̀sì ló máa hàn, ẹni tó lówó gan-an kò sí níbì kankan. Nínú àkáǹtì yìí, owó mẹ́ta ló wọlé lórúkọ ṣọ́ọ̀bù kan náà láàárín ọ̀sán ọjọ́ Sátidé: ₦5,000, ₦5,000 àti ₦20,000. Àmì tó fi hàn nìyẹn: orúkọ ilé iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ní àdúgbò gẹ́gẹ́ bí ọlọ́rẹ, tó sì wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà bí álààtì ṣe wí, oní-píọ́ẹ̀sì á gba lẹ́tà ìdúpẹ́ mẹ́ta, ìyá tó mú ₦20,000 wá á sì máa wo ọ̀nà.

Akọ̀wé lọ bá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú iye owó àti aago tí owó kọ̀ọ̀kan wọlé. Ó rántí ìyá náà torí pé owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ àti pé ó ní kí ó kọ "láìbúrì" sí i. Ó mọ ẹni tó ni ọ̀kan nínú ₦5,000 méjèèjì pẹ̀lú. Èkejì ni kò rántí, wọ́n sì fi í sí abẹ́ àwọn tí orúkọ wọn kò yé wọn. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe ṣáájú ni kí olùdarí ètò máa sọ ọ́ léraléra pé kí ẹni tó bá fowó ránṣẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àlàyé owó, tàbí kí ó fi orúkọ, iye àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà akọ̀wé lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ₦490,000 tó dà bíi pé ó sọnù wá já sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni owó regbéregbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ní Ìjẹ̀bú. Gíwá, olórí ẹgbẹ́ náà, dìde, ó kéde ₦250,000 lórúkọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, ₦80,000 jẹ́ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mélòó kan ti fi ránṣẹ́ tààrà sínú àkáǹtì ìgbìmọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí olùdarí ètò sì ti dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦170,000 ni akápò ẹgbẹ́ wá fi kún un. Olùdarí ètò ka ₦80,000 yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n bèèrè àkọsílẹ̀ ìdáwó lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, wọ́n sì fi wé orúkọ tó wà nínú ìwé báńkì. Níbikíbi tí ẹgbẹ́ bá ti dáwó, ìbéèrè yìí pọn dandan, torí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá san tirẹ̀ lọ́tọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, ẹgbẹ́ náà sì ń fẹ́ kí ₦250,000 rẹ̀ pé. Méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́. Lẹ́tà ẹgbẹ́ sọ pé ₦250,000 ló ti ọ̀dọ̀ wọn wá, pé ₦80,000 nínú rẹ̀ gba ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn sì gba lẹ́tà tiwọn.

Ọ̀nà kejì ni ìlérí: ₦410,000 tí àwọn ènìyàn kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí kò tíì wọlé. Ẹni tó ṣèlérí kò gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà ìdúpẹ́ tí ó ní "a ti rí owó yín gbà". Bí ó bá gbà á, yóò rò pé dírẹ́bà rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ti bá òun fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà kúkúrú mìíràn fún àwọn wọ̀nyí: ó dúpẹ́ pé wọ́n wá, ó dárúkọ iye tí wọ́n ṣèlérí, ó sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀. Kó tó dé ọwọ́ wọn, ẹni tó pè wọ́n wá síbi ètò ti kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́tà tí kò ní ẹnu ènìyàn ṣáájú rẹ̀ máa ń jọ ìwé gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká fi ti owó báńkì kún un, nítorí ohun kékeré ló ń dá ìfura sílẹ̀. Lásìkò náà, ₦50 ni wọ́n ń yọ lára àkáǹtì tó gba owó nígbàkúùgbà tí ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọlé. Owó mẹ́rìnlélógún ló tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ₦1,200 ti lọ. Iye tí ẹni náà fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà máa ń sọ. ₦1,200 yẹn wà lórí ìlà tirẹ̀ nínú ìwé akápò gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Ẹni tó fi ₦10,000 ránṣẹ́ tí lẹ́tà sì sọ fún un pé ₦9,950 ni wọ́n rí, àlàyé yòówù kó tẹ̀lé e, kò ní í dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí ìwé owó pé, wọ́n gbé àkọ́kọ lẹ́tà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ti kọ sílẹ̀ wò. Ojú ewé méjì ni. Òwe ló fi bẹ̀rẹ̀: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n fa igi lé e. Abaraámóorejẹ ni wọ́n máa ń fi òwe yẹn bá wí, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń dúpẹ́ fi máa bá ara rẹ̀ wí nínú ìlà àkọ́kọ́. Ìpínrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e sọ nípa bí ìwé kíkà ṣe dára tó, fún àwọn ènìyàn tó ti fowó sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn náà lọ. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tó léwu: "Owó yín ti sọ yàrá náà di ilé ìkàwé ìgbàlódé." Nígbà yẹn, omi ṣì ń jò sínú yàrá náà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́la á rí i.

Ìpínrọ̀ ìkẹyìn bẹ ẹni tó fún wọn lówó pé kí ó tún ran ilé-ìwé lọ́wọ́ láti gbẹ́ kànga. Nǹkan tó ń ba lẹ́tà ìdúpẹ́ jẹ́ jù lọ nìyí, ó sì wọ́pọ̀ ju àṣìṣe ìṣírò lọ. Bí ìbéèrè bá ti wà nísàlẹ̀, ohun tí ẹni náà máa rántí ni ìbéèrè. Ìdúpẹ́ òkè á di ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Kànga lè dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Wọ́n tún yọ àkójọ orúkọ àti iye owó tí olùkọ́ náà fẹ́ so mọ́ gbogbo lẹ́tà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní àdúgbò kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ẹnì kan ò sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa pín iye owó òun kiri. Wọ́n fi orúkọ nìkan, láìsí iye, sára pátákó ilé-ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n ti bèèrè lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní kí wọ́n má dárúkọ òun rárá, wọ́n sì kọ "Ọmọ àdúgbò kan" síbẹ̀. Lẹ́tà tirẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Ohun tó kù jẹ́ ojú ewé kan. Báyìí ni ti ìyá tó fowó ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ oní-píọ́ẹ̀sì ṣe rí, a kàn fi Lágbájá rọ́pò orúkọ rẹ̀:

"Ọjọ́ 2 oṣù Keje, 2024.

Sí Màmá Lágbájá,

Ẹ kú ilé o, Mà. A kí gbogbo ẹbí.

₦20,000 tí ẹ fi ránṣẹ́ fún ilé ìkàwé ilé-ìwé wa ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, láti ọ̀dọ̀ oní-píọ́ẹ̀sì ìkòríta, ti dé ọwọ́ wa pé pérépéré. Ẹ ṣeun, Mà. A dúpẹ́ gidigidi.

Gbogbo owó tó wọlé títí di òní jẹ́ ₦1,460,000. Ẹ ó rántí pé ₦1,950,000 ni wọ́n kéde lọ́jọ́ ètò. ₦410,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ìlérí tí a ń retí, a sì ka ₦80,000 kan lẹ́ẹ̀mejì.

Òrùlé yàrá náà ni a máa kọ́kọ́ tún ṣe nígbà ìsinmi ilé-ìwé, nítorí òjò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pẹpẹ ìwé, kí ó tó kan tábìlì àti ìwé. Nínú oṣù Kẹwàá a óò kọ̀wé sí yín láti sọ ohun tí a ṣe àti iye tí a ná.

Bí iye tàbí orúkọ tí a kọ síbí kò bá rí bí ó ṣe yẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pe akọ̀wé wa ní nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kí yín, Mà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀ nínú àlàáfíà."

Ọ̀gá ilé-ìwé, alága ìgbìmọ̀ àti akápò ló fọwọ́ sí i. Àdúrà kan ṣoṣo ni wọ́n fi parí rẹ̀, wọ́n sì lo "Ọlọ́run" nìkan, nítorí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló jọ dáwó náà. Iye owó tó wà nínú lẹ́tà jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ bí ìwé ẹ̀rí, ìlà tó ní kí wọ́n pe akọ̀wé sì ni wọ́n fi ń rí àṣìṣe tó bá ṣì kù.

Lẹ́tà mélòó kan nílò ìpínrọ̀ tiwọn. Ẹni méjì ti sọ lójú agbo pé pẹpẹ ìwé kọ̀ọ̀kan làwọn gbé, ₦65,000 sì ni káfíńtà dá lé ọ̀kan. Lẹ́tà tiwọn sọ pé pẹpẹ ni wọ́n máa fi owó wọn kàn. Láti ìgbà yẹn, akápò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ₦130,000 yẹn fún òrùlé. Àwọn tó kàn fowó sílẹ̀ láìdárúkọ nǹkan, wọn ò sọ fún wọn pé owó wọn ra ohun báyìí, torí àpò kan náà ni owó wọn wọ̀. Obìnrin kan fowó sílẹ̀ ní ìrántí ìyá rẹ̀ tó ti kú. Òun ni wọ́n kọ̀wé sí, wọ́n dárúkọ ìyá rẹ̀ bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an, wọ́n sì tọ́rọ̀ pé kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá náà sí afẹ́fẹ́ rere. Ó yẹ kí wọ́n ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́: àmì ohùn tàbí lẹ́tà kan tí kò bá pé lára orúkọ òkú máa ń dun àwọn ọmọ rẹ̀.

Káfíńtà náà kò gba owó iṣẹ́, owó pákó àti ìṣó nìkan ló gbà. Wọn ò ṣírò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ₦1,460,000, àmọ́ lẹ́tà tirẹ̀ sọ ohun tó fi sílẹ̀. Ti ẹni tó kó ìwé páálí mẹ́ta wá ló gba ìrònú. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, tí kò wúlò fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ dúpẹ́ fún páálí mẹ́ta, ó sọ pé àwọn ìwé ìtàn àti ìwé àwòrán inú rẹ̀ máa wà ní ilé ìkàwé, ó sì bèèrè bóyá wọ́n lè fi ìyókù fún ilé-ìwé girama tó wà nítòsí. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sọ pé gbogbo rẹ̀ wúlò, kí wọ́n sì wá kó o sí kọ̀rọ̀ fún ikán, kò bójú mu.

Bí wọ́n ṣe fi lẹ́tà ránṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn àgbà tó wà nílé gba tiwọn lórí pépà, ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ló mú un lọ ilé wọn. Àwọn tó wà ní Èkó àti òkè òkun gbà á lórí Wáàsáàpù, sínú àpótí tiwọn, kò gba inú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù àdúgbò kọjá. Ẹni tí kì í kàwé gbọ́ ọ ní ohùn tí akọ̀wé gbà sílẹ̀. Fún ₦122,000 inú apẹ̀rẹ̀ àti ₦5,000 tí a kò mọ ẹni tó ni ín, wọ́n kéde ìdúpẹ́ ní mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, pẹ̀lú nọ́ńbà akọ̀wé. Ẹni tó ni ₦5,000 pe akọ̀wé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e.

Ẹlòmíràn tó pè ní òun fi ₦15,000 ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ₦10,000 ni lẹ́tà kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ránṣẹ́, ₦10,000 lákọ̀ọ́kọ́, ₦5,000 lẹ́yìn náà. Báńkì ti yọ ₦5,000 náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, ó sì padà sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé ó kíyè sí i. Ó wo ìwé báńkì rẹ̀, ó rí i, ó tún un fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà tuntun fún un.

Lẹ́tà oṣù Kẹwàá kò gùn tó ti àkọ́kọ́. Òrùlé tí wọ́n dá ₦420,000 lé gba ₦455,000, torí nígbà tí wọ́n ṣí páànù ni wọ́n rí i pé igi méjì ti jẹrà. Lẹ́tà náà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ pé owó tábìlì ni wọ́n ti mú ₦35,000 náà, tí tábìlì mẹ́rin fi di mẹ́ta. ₦260,000 ti wọlé nínú ìlérí, ó sì fi kún owó ìwé. ₦150,000 tó kù, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìṣírò, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.